Ìlà Gbọọrọ Tó Jókòó sí Àyè Orúkọ

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ojú ń tì láti béèrè ni igbó ń gbé mì. Yóò máa yí igi kan ṣoṣo po títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò sì máa sọ fún ara rẹ̀ pé òun mọ̀nà.

Ìyá Oníkòkòrò mọ òwe yìí dáadáa. Òun ló máa ń pa á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, nígbà tó ń kọ́ wọn nípa kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo nínú àká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e wálé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa òwe fún ẹlòmíràn kì í sábà dúró gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù rẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun fúnni.

"Ìyàwó mi, gbà. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo yà á tán."

"Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ yà á?"

"Ta ni ì bá tún yà á? Ṣé mi ò lọ́wọ́ ni?"

Ìyàwó ṣí fọ́tò kan wò. Àtàǹpàkò Mọ́mì wà níbẹ̀, ó tóbi bí òkè, ó jókòó sí etí ojú ìwé náà bí ẹni tí wọ́n pè sí ìpàdé.

"Ẹ lọ́wọ́, Mọ́mì," ló wí. "Mo rí i."

Ìwé kan ni Mọ́mì ń kọ láti ìgbà tí ọkọ Ìyàwó ṣì ń rákòrò. Ìwé àpilẹ̀kọ tó fi gboyè ńlá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: bí àgbẹ̀ ṣe lè tọ́jú àgbàdo kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé ìtẹ̀wé ti gbà á wàyí. Gbogbo orí ìwé náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó kù ni àkójọ ìwé ìtọ́kasí tó máa ń wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń jẹ́wọ́ ibi tó ti mú ọ̀rọ̀: ta ló kọ ọ́, kí ni àkọlé rẹ̀, ta ló tẹ̀ ẹ́, ọdún wo. Apá ibẹ̀ gan-an ni ikán jẹ nínú ẹ̀dà ìwé àpilẹ̀kọ náà tó wà nílé.

"Ẹ wo ayé," ni ọkọ Ìyàwó máa ń wí. "Mọ́mì fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn bá kòkòrò jà. Àwọn ẹbí kòkòrò wá gbẹ̀san."

"Ikán kì í ṣe ẹbí kòkòrò àgbàdo," ni Mọ́mì máa ń dá a lóhùn. "Ọmọ tí mo bí, ìyẹn gan-an ò yé e."

Bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì ṣe gba láíbúrérì ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó ti ṣiṣẹ́ rí lọ, níbi tí ẹ̀dà kejì wà. Wọ́n ń palẹ̀ ìwé mọ́ lọ́jọ́ náà torí wọ́n fẹ́ tún òrùlé ṣe. Mọ́mì dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣí ojú ìwé, ó ń ya fọ́tò. Ọkùnrin tó ń kó ìwé sínú páálí sì dúró tì í, ó ń mí ìmí ẹni tí wọ́n ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Olóòtú ilé ìtẹ̀wé fún wọn di ọjọ́ Ẹtì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé mìíràn ni yóò gba àyè náà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Mọ́mì, ẹ ti ń kọ ìwé yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́," ni Ìyàwó wí bó ṣe ń so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ìjẹun. "Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni ìkánjú dé?"

Mọ́mì jókòó. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún.

"Ọ̀rẹ́ mi kan wà. Elééfín là ń pè é. Òun ló wádìí bí a ṣe ń fi èéfín lé kòkòrò nínú àká, irú igi tó yẹ, bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó. Obìnrin náà á wà nínú èéfín láti àárọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún. Ó kọ ìròyìn ìwádìí náà, ó di í, ó fi sí láíbúrérì. Ìgbà yòówù kí ọ̀gá wa dìde ní ìpàdé, 'ìwádìí tí mo ṣe lórí èéfín' ló máa ń wí. Ọ̀gá Onítáì! Táì rẹ̀ ò rùn èéfín rí. Títí dòní, bí o bá béèrè pé ta ló ṣiṣẹ́ èéfín, Onítáì ni wọ́n á pè fún ọ."

"Elééfín ò wá sọ̀rọ̀?"

"Ó ní ìwé tí ọ̀rẹ́ òun ń kọ ni yóò bá òun sọ ọ́. Mo sì ṣèlérí. Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan ló wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn èèyàn, ó ní, 'Ìwé tìẹ yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọ̀run la ti máa kà á.' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo sọ nínú ara mi pé mi ò ní pè é mọ́ àfi bí ìwé náà bá wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù yẹn. Mo ń wò ó ni."

Òṣìṣẹ́ láíbúrérì ni Ìyàwó, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́; ó mọ iye ìwé tó dákẹ́ sórí pẹpẹ torí pé orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ò sí níbi tó yẹ kó wà. Ó tẹrí ba, ó gbàdúrà ráńpẹ́ bó ṣe máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: "Olúwa, là mí lójú kí n rí ohun tó wà níbẹ̀. Má sì jẹ́ kí n rí ohun tí kò sí níbẹ̀."

"Àmín," ni Mọ́mì wí. "Àdúrà òṣìṣẹ́ láíbúrérì nìyẹn."

Ó kó àwọn fọ́tò náà jọ. Ó yí èyí tó dojú dé, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí tó ṣókùnkùn, ó gé etí gbogbo wọn kúrò kí ọ̀rọ̀ nìkan lè ṣẹ́ kù, torí ó mọ̀ pé bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ìwé bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ lè kà á mọ́ ọdún tàbí mọ́ iye ojú ìwé. Lẹ́yìn náà ló kó wọn fún ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò, ó ní kó tẹ̀ wọ́n jáde, kó sì tún wọn tò. Láyé àtijọ́ tí wọ́n fi tàìpù tẹ ìwé náà, ọdún ló máa ń kẹ́yìn. Ilé ìtẹ̀wé fẹ́ ẹ báyìí: orúkọ ìdílé, kọ́mà, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àbísọ, ọdún nínú àkámọ́, àkọlé, lẹ́yìn náà orúkọ ìwé ìròyìn ìwádìí, nọ́ńbà rẹ̀ àti ojú ìwé tó wà.

Omi tíì ò tíì hó tí iṣẹ́ fi jáde. Gbogbo rẹ̀ tò lọ gẹẹrẹ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà.

"Ó ti parí?" ni Mọ́mì bi í. "Kí là ń dúró de ọjọ́ Ẹtì sí?"

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀, Mọ́mì. Ẹ̀rọ yìí dà bí ọmọ tó mọ̀wé àmọ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olódo. Bí kò bá rí ìdáhùn, yóò ṣe ọ̀kan."

Lóòótọ́, bó ṣe ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan wé fọ́tò rẹ̀, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ẹ̀rọ náà ń tú. Ó ti ka mẹ́jọ sí mẹ́ta. Ìwé ìròyìn kan náà, ó kọ orúkọ rẹ̀ tán pátá níbì kan, ó gé e kúrú níbòmíràn, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé àtijọ́ náà. Níbi tí àtàǹpàkò Mọ́mì bo ọdún ìròyìn kan mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà kàn fi ọdún èyí tó wà lókè rẹ̀ sí i, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ìyàwó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé [ọdún kò hàn], ó sì fi àwọ̀ yẹ́lò bò ó. Ìwé kan ò sọ ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, yẹ́lò. Òmíràn ò sọ ojú ìwé, yẹ́lò.

Ibì kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Lókè fọ́tò kẹfà, ìwé mẹ́ta tẹ̀ léra wọn tí kò ní orúkọ òǹkọ̀wé. Ìlà gbọọrọ kan ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ wà. Kò sí òṣìṣẹ́ láíbúrérì tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó kọ èyí tó wà lókè náà ló kọ eléyìí. Orúkọ tó kẹ́yìn fọ́tò karùn-ún ni ti Onítáì. Ẹ̀rọ kọ orúkọ Onítáì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó gbà bẹ́ẹ̀, ó kọjá. Kò tíì mọ orúkọ tí Onítáì ń jẹ́ nínú ìwé nígbà yẹn. Ẹni tó mọ ọ̀nà jù, òun ni kì í wolẹ̀ tó bá ń rìn.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́rú, ó pe Mọ́mì kó wá gbọ́ bó ṣe ń lọ. Mọ́mì ń ká aṣọ tó gbẹ lórí àga, ó ń gbọ́, ó ń ki àwọn òǹkọ̀wé bí wọ́n ṣe ń kọjá. "Ìyẹn, èèyàn gidi ni. Ìyẹn, ahun. Ìyẹn, mi ò rí i rí, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ dára." Nígbà tí Ìyàwó ka ìwé kan tí Onítáì kọ, Mọ́mì pòṣé. Nígbà tó tún ka orúkọ Onítáì, tó sì fi àkọlé tẹ̀ lé e, Lílo Èéfín Igi Tútù Nínú Àká, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì.

"Ta lo pè?"

Ìyàwó tún un kà.

"Paríwo rẹ̀ kí ará ilé kejì gbọ́! Ta ló kọ ọ́?"

"Mọ́mì, bó ṣe wà níbí..."

"Elééfín ló kọ ọ́! Èmi ni mo bá a di àwọn ìwé yẹn pọ̀! Yéè! Onítáì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpàdé, o tún wá gbà á fún un nínú ìwé mi. Lórí tábìlì ìjẹun mi!"

Ìyàwó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ jẹ́ ká wò ó pọ̀."

Ó ṣí fọ́tò karùn-ún, ó ṣí ìkẹfà, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìwé ìtọ́kasí, bí lẹ́tà ṣe ń tẹ̀ léra wọn ni wọ́n ń tò ó. F ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé Onítáì. Lẹ́yìn ìlà gbọọrọ mẹ́ta náà, orúkọ tó tẹ̀ lé e, K ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó fi ìka tọ gbogbo àkójọ náà láti òkè délẹ̀. Kò sí G. Kò sí H. Kò sí I. Kò sí J.

"Mọ́mì, kí ni orúkọ ìdílé Elééfín?"

Mọ́mì dá a lóhùn. J ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó dìde. Ó wá àwọn fọ́tò gangan jáde nínú fóònù, àwọn tí kò tíì gé létí. Nísàlẹ̀ ìkarùn-ún, nọ́ńbà ojú ìwé hàn kedere: 211. Nísàlẹ̀ ìkẹfà: 213.

"Èmi ni mo gé e sọ nù," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Nọ́ńbà tí ì bá kì mí nílọ̀, mo gé e kí iṣẹ́ lè mọ́."

Mọ́mì tẹ̀ síwájú, ó na ọrùn wo fóònù náà.

"Ojú ìwé méjì ni mo ṣí pọ̀," ló wí. "Onípáálí yẹn ló ń mí sí mi lọ́rùn."

"Ẹ ò rí i, Mọ́mì, àwa méjèèjì la jọ ṣe é."

"Mi ò sọ pé mo bá ọ ṣe é. Mo ní onípáálí."

Wọ́n pe láíbúrérì náà lójú ẹsẹ̀. Onípáálí fúnra rẹ̀ ló gbé e. "Inú páálí ló wà, mà. Páálí wo? Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kí òrùlé parí, kí ẹ padà wá." Ìyàwó pe olóòtú. Ohùn olóòtú tutù bí omi àmù.

"Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ fún mi," ló wí. "Èyí tó bá ní àmì pé nǹkan kù, a lè bá a ṣiṣẹ́. Èyí tó ń dà wá láàmú ni èyí tó dà bí ẹni pé ó pé, tí kò sì pé. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ò bá mọ ẹni tó kọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, a máa yọ ọ́, a sì máa yọ gbólóhùn tó bá dúró lé e."

Gbólóhùn tó dúró lé ìwé Elééfín, odindi orí kẹrin ni.

"Ó tán," ni Mọ́mì wí bí Ìyàwó ṣe gbé fóònù sílẹ̀. "Kọ orúkọ Elééfín síbẹ̀. Èmi tí mo ni ìwé ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mọ́mì, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò ò sọ ọ́."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa?"

"Ó tì o, Mọ́mì, ẹ ò ní pa irọ́ láéláé. Ẹ kàn sọ fún mi, ọdún wo ni ìwé tó wà ní ìlà gbọọrọ kẹta yìí jáde, èyí tí àtàǹpàkò bo ọdún rẹ̀?"

"1980."

Ìyàwó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Kò tẹ nǹkan.

"Tàbí '81," ni Mọ́mì wí. "Ọdún tí òjò pọ̀. Èwo ni òjò ti pọ̀ nínú méjèèjì?"

"Ẹ pe Elééfín, Mọ́mì, ẹ bi wọ́n."

"Láéláé."

"Mọ́mì..."

"Mo ní láéláé. Kí n pè é kí n ní kí ni? Pé ìwé ò tíì jáde? Kó tún fi mí ṣe ẹ̀rín? Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Mọ́mì kó aṣọ rẹ̀ wọ yàrá. Ìyàwó pa orúkọ Onítáì rẹ́ nínú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ [òǹkọ̀wé kò hàn, ojú ìwé 212 kò sí nínú fọ́tò]. Yẹ́lò, yẹ́lò, yẹ́lò. Ojú ìwé náà wá dà bí oko òdòdó. Ó wò ó, inú rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ń dán lọ.

Ìwé ní orí, ó ní ìdí. Ohun tí ìdí bá gbàgbé, ó lè jẹ́ pé orí rántí. Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, Ìyàwó fi àkójọ náà sílẹ̀, ó ṣí àwọn orí ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó ti fẹ́ ṣe kẹ́yìn nìyẹn, kí ó fi orúkọ inú ọ̀rọ̀ wé orúkọ inú àkójọ; ó kàn wá di iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni. Ibi gbogbo tí Mọ́mì bá ti yá ọ̀rọ̀ lò, ó fi orúkọ ìdílé àti ọdún sínú àkámọ́. Ìyàwó ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní ẹnìkejì nínú àkójọ, ó sàmì sí i. Èyí tí kò bá ní, ó yà á sọ́tọ̀.

Àwọn tó yà sọ́tọ̀ náà: G ni, H ni, I ni, J ni. Kò sí ẹlòmíràn láàárín wọn. Bí eyín bá yọ, ihò rẹ̀ á máa júwe ẹ̀yà eyín. Ojú ìwé 212 ń fi ara rẹ̀ hàn láti inú òfìfo.

Àwọn ti G, H àti I ò le. Ìwé tí ayé mọ̀ ni wọ́n. Ó wá wọn nínú àkójọ ìwé àwọn láíbúrérì ńlá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí wọn, ó sì fi àmì sí i pé ibẹ̀ lòun ti rí wọn, kì í ṣe inú fọ́tò. Ṣùgbọ́n ìròyìn Elééfín ò jáde kúrò nínú ilé-iṣẹ́ ìwádìí rí. Kò sí nínú àkójọ kankan. Orúkọ rẹ̀ wà nínú orí kẹrin nìkan.

"Mọ́mì! Mọ́mì o!"

Mọ́mì sáré jáde, gèlè rẹ̀ ò dúró. "Kí ló jóná?"

"Kò sí ohun tó jóná. Ẹ wá wo èéfín." Ìyàwó yí kọ̀ǹpútà sí i. "Ẹ wò ó. Ní ìlà gbọọrọ àkọ́kọ́, ọdún tó hàn nínú fọ́tò ni 1974, èéfín igi tútù. Ẹ wá wo ohun tí ẹ kọ sí orí kẹrin: 'Igi tútù ń yára lé kòkòrò ju igi gbígbẹ lọ.' Ta lẹ fi sí àkámọ́? Elééfín, 1974. Ìlà kejì, 1978, lórí bí èéfín ṣe ń pẹ́ tó. Orí kẹrin: Elééfín, 1978. Onítáì, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé, ọdún mìíràn sì ni, ọ̀rọ̀ àpò ìkó-ọkà ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ jẹ́rìí, Mọ́mì, nígbà tí ọpọlọ yín ṣì mú bí abẹ."

"Ọpọlọ mi ṣì mú bí abẹ." Ṣùgbọ́n Mọ́mì ti jókòó. Ó wo orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà, tí Ìyàwó kọ tán pérépéré sí iwájú ìlà méjì, tí yẹ́lò ti kúrò lórí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni ń pe èèyàn láti ìta ilé:

"Elééfín, aya iná, ìyekan ẹyin iná.
Abojú-pípọ́n-má-sunkún.
Ó jókòó sídìí àká, kòkòrò ń kó ẹrù.
Ó dìde nídìí àká, àgbẹ̀ ń kó ọmọ jó.
Wọ́n ní kò sí ńlé, èéfín ní òun rí i.
Ibi tí èéfín bá ti ń rú, ẹnìkan ló dáná níbẹ̀ o, ọ̀rẹ́ mi."

Ó fi etí ìró nu ojú. "Èéfín ló bọ́ sí mi lójú."

"Àbí mo bi yín?" ni Ìyàwó wí.

"Olúwa á jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà ṣe ìtọ́jú orúkọ rẹ."

"Àmín, Mọ́mì." Ìyàwó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ó ku méjì."

"Méjì kí ni?"

"Àkọ́kọ́, ìwé kan wà tí ẹ pè ní Elééfín, 1971. Òun ló wà ní ojú ìwé 212, lókè àwọn ìlà gbọọrọ náà, orúkọ tí àwọn ìlà náà dúró fún wà lára rẹ̀. Ọdún rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, àkọlé rẹ̀ ò sí. Ìkejì ni ìlà kẹta yìí, tí àtàǹpàkò bò. Ẹ wo bí ẹ ṣe pè é nínú ọ̀rọ̀."

Mọ́mì sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó kà á. Nínú àkámọ́ náà, lẹ́yìn orúkọ Elééfín, kò sí ọdún. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: tó ń bọ̀ lọ́nà.

"Ó ń bọ̀ lọ́nà," ni Mọ́mì tún sọ. "Áà. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo ń kọ tèmi. Ó ní wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀."

"Ẹ wá rí i, kì í ṣe àtàǹpàkò yín ló jẹ̀bi. Bí a bá gbé àtàǹpàkò kúrò, bí a tú gbogbo páálí láíbúrérì yẹn, ọdún ò sí níbẹ̀. Kò sí níbì kankan. Ìwé tó ti ń bọ̀ lọ́nà láti ayébáyé, olóòtú ò ní gbà á bẹ́ẹ̀. Bóyá ó dé, bóyá kò dé. Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀."

Lójú kọ̀ǹpútà, yẹ́lò méjì ló kù nínú àwọn ìlà Elééfín. Ọkọ Ìyàwó gba ẹ̀yìn wọn kọjá, ó ń wá bàtà rẹ̀ kan.

"Mọ́mì, ẹ ò tíì pe Àǹtí Elééfín?"

"Ta ló sọ ọ́ fún ìwọ?"

"Gbogbo ilé ló mọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ 'bí ìwé bá jáde.' Mo rò pé orúkọ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ni."

"Jáde lọ síbi iṣẹ́ rẹ!"

Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Mọ́mì wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá yíjú sí Ìyàwó.

"Bí mo bá ní kí o kọ 1980 síbẹ̀?"

"Màá kọ ọ́, Mọ́mì. Màá sì fi yẹ́lò bò ó."

"O le o."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé abéèrè kì í ṣìnà."

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo kọ́. Mi ò kọ́ ìyàwó ọmọ." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀. Ó na ọwọ́. "Gbé fóònù wá."

Ó wá orúkọ náà fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ kó tó rí i, ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó wà. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ẹni tó fẹ́ pè yóò rí i. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Olúwa, fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu," ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ó dún. Ó tún dún. Ìyàwó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Hẹ̀lóò?" Ohùn àgbàlagbà obìnrin ni, ó ha díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti fa èéfín púpọ̀ símú. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Oníkòkòrò! Ṣé o wà láyé? Àbí ọ̀run lo ti ń pè, o fẹ́ kí n wá ka ìwé?"

Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, ó mì í léjìká, Ìyàwó náà bá a rín in láìmọ̀.

"Mo wà láyé, ìwọ ẹlẹ́nu yìí! Ìwé wà láyé pẹ̀lú. Ọ̀la ló ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ìyàwó mi ló jókòó tì mí yìí, òun ló ń tò ó. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe ti Onítáì. Tìẹ ni, pérépéré, pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀."

Wọ́n gbọ́ bí Elééfín ṣe fa imú.

"O ní kọ́mà?" ló wí níkẹyìn.

"Kọ́mà àti àkámọ́. Ṣùgbọ́n a ti kan ibi tí mi ò mọ̀, ọmọ yìí ò sì jẹ́ kí n méfò." Mọ́mì fa àga sún mọ́ tábìlì, ó mú bírò. Ìyàwó gbé ìka lé bọ́tìnnì, ó ń dúró. "Elééfín, jọ̀ọ́, sọ àkọlé ìwé rẹ àkọ́kọ́ fún mi, kí o sì sọ ọdún tí èyí tó ń bọ̀ lọ́nà nígbà náà jáde."